7.45 Kì Í Ṣe 7:45: Bí Ìṣẹ́jú Ṣe Ń Sọnù Nínú Owó Iṣẹ́

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan, àbúrò mi obìnrin fi àwòrán ìwé méjì ránṣẹ́ sí mi lórí Wọ́ọ̀sáàpù láti ìlú Máńṣẹ́sítà, níbi tó ti ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó. Ìwé kìn-ín-ní ni ìwé kékeré tí òun fúnra rẹ̀ máa ń kọ àkókò tó wọṣẹ́ àti àkókò tó ṣíwọ́ sí. Ìwé kejì ni ìwé owó iṣẹ́ tí wọ́n fún un fún ọ̀sẹ̀ kan. Ó wá kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ àwòrán náà pé: "Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kà á, ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún péré kí iṣẹ́ mi pé wákàtí mẹ́tàdínlógójì. Ṣùgbọ́n 35.75 ni wọ́n kọ síbí. Ṣé èmi ni mi ò mọ ìṣirò ni?"

Ọ̀rọ̀ náà ti ń di ariwo níbi iṣẹ́ wọn. Àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ kan ti ń sọ ọ́ láàárín ara wọn pé ńṣe ni obìnrin tó ń ṣírò owó iṣẹ́ ń rẹ́ àwọn àlejò jẹ. Àbúrò mi ti múra láti lọ bá obìnrin náà ní ọ́fíìsì lọ́jọ́ kejì, mo sì mọ ohùn tí yóò fi bá a sọ̀rọ̀. Mo ní kí ó fún mi ní òru ọjọ́ náà kí n fi ìwé méjèèjì wé ara wọn. Nígbà tí mo fi máa parí rẹ̀, mo rí i pé àbúrò mi mọ ìṣirò, owó rẹ̀ sì dín ní tòótọ́, síbẹ̀ kò sí ẹni tó jalè.

Ẹ jẹ́ kí n to ọ̀sẹ̀ náà sílẹ̀ bí ó ṣe wà nínú ìwé kékeré yẹn. Aago oníwákàtí mẹ́rìnlélógún ni wọ́n ń lò níbẹ̀, nítorí náà aago mẹ́ta ọ̀sán ni 15:00, aago mẹ́wàá alẹ́ sì ni 22:00. Wọn kì í sanwó fún àkókò ìsinmi, ìdí nìyẹn tí a fi ní láti yọ ọ́ kúrò.

- Ọjọ́ Ajé: 07:30 sí 15:45, ìsinmi ìṣẹ́jú 30. Iṣẹ́ jẹ́ wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 45.
- Ọjọ́ Ìṣẹ́gun: 07:30 sí 15:20, ìsinmi ìṣẹ́jú 30. Iṣẹ́ jẹ́ wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 20.
- Ọjọ́rú: 14:10 sí 21:55, ìsinmi ìṣẹ́jú 30. Iṣẹ́ jẹ́ wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 15.
- Òru ọjọ́ Ẹtì: 21:45 sí 07:20, ìsinmi ìṣẹ́jú 45. Iṣẹ́ jẹ́ wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 50.
- Ọjọ́ Àìkú: 08:00 sí 14:05, ìsinmi ìṣẹ́jú 20. Iṣẹ́ jẹ́ wákàtí 5 àti ìṣẹ́jú 45.

Pọ́n-ùn mẹ́tàlá, ìyẹn £13, ni wọ́n ń san fún un ní wákàtí kan.

Ibi tí àṣìṣe ti wọlé

Nínú ìwé owó iṣẹ́, ohun tí wọ́n kọ fún ọjọ́ márùn-ún náà ni 7.45, 7.20, 7.15, 8.50 àti 5.45. Bí ẹ bá wò ó lóréfèé, ẹ ó ní ó bá ìwé àbúrò mi mu láìyẹ̀. Òun náà ti wò ó bẹ́ẹ̀, ó sì ti fọwọ́ sí irú rẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí ó tó dé orí àpapọ̀ tó mú un fura.

Àwọn ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì sábà máa ń fi àmì kókó kan ṣoṣo kọ aago. Bí aago mẹ́jọ òwúrọ̀ bá ku ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, wọ́n lè kọ 7.45 níbi tí ẹlòmíràn yóò ti kọ 7:45. Ẹni tó ń bójú tó ṣíífìtì ní ilé ìtọ́jú náà kọ ìwé rẹ̀ bí ó ti mọ́ ọn lára. Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì da ohun tó rí kọ sínú kọ̀ǹpútà bí ó ti rí i. Ṣùgbọ́n kọ̀ǹpútà kò mọ̀ pé aago ni wọ́n ń kọ. Lójú tirẹ̀, nọ́ńbà onídẹ́símà ni 7.45. Ìtumọ̀ èyí ni pé odidi wákàtí méje wà, a sì tún pín wákàtí kan sí ọ̀nà ọgọ́rùn-ún, a wá mú márùndínláàádọ́ta nínú rẹ̀.

Ìdá márùndínláàádọ́ta nínú ọgọ́rùn-ún wákàtí kan kì í ṣe ìṣẹ́jú márùndínláàádọ́ta. Wákàtí kan jẹ́ ìṣẹ́jú 60, bí a bá sì sọ 0.45 di ìlọ́po 60, ìṣẹ́jú 27 ni a ó rí. Àbúrò mi ṣe ìṣẹ́jú 45 lé ní wákàtí méje lọ́jọ́ Ajé, ìṣẹ́jú 27 ni wọ́n sanwó rẹ̀. Ìṣẹ́jú 18 ti wọlẹ̀ lọ lábẹ́ àmì kókó kan.

Ogún mẹ́ta àti ogún márùn-ún

Ọ̀nà tí àwọn baba wa gbà ń ka nǹkan jẹ́ kí ọ̀rọ̀ yìí rọrùn láti rí ju bí wọ́n ṣe kọ́ wa ní ilé ìwé lọ. Ogún ni ìdí ìṣirò Yorùbá. Ọgọ́ta jẹ́ ogún mẹ́ta, ọgọ́rùn-ún sì jẹ́ ogún márùn-ún. Ìtumọ̀ náà wà nínú orúkọ wọn. Ọ̀dọ̀ àwọn ará Bábílónì àtijọ́, tí wọ́n fi ọgọ́ta ṣe ìdí ìṣirò tiwọn, ni aráyé ti jogún pípín wákàtí sí ìṣẹ́jú ọgọ́ta. Dẹ́símà ní tirẹ̀ ń pín odidi sí ọ̀nà mẹ́wàá, lẹ́yìn náà sí ọgọ́rùn-ún.

Nítorí náà, wákàtí kan náà la ń pín lọ́nà méjì. Aago pín in sí ogún mẹ́ta, ìwé owó iṣẹ́ pín in sí ogún márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ kúrò ní ti aago lọ sí ti owó ní láti sọ ẹẹ́ta-ẹẹ́ta di aárùn-ún-aárùn-ún. Ìṣẹ́jú 3 jẹ́ 0.05 wákàtí. Ìṣẹ́jú 6 jẹ́ 0.10. Ìṣẹ́jú 15 ní ẹẹ́ta márùn-ún nínú, a ó sì sọ ọ́ di aárùn-ún márùn-ún, èyí tó jẹ́ 0.25. Ìṣẹ́jú 45 ní ẹẹ́ta mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nínú. Aárùn-ún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sì jẹ́ 75, ìyẹn ni pé 0.75 wákàtí ni.

Bí ìṣẹ́jú náà kò bá ṣeé pín sí ẹẹ́ta-ẹẹ́ta láìṣẹ́kù, ẹ fi 60 pín in lórí ẹ̀rọ ìṣírò, èsì kan náà ni yóò mú wá. Ìṣẹ́jú 20 tí a bá fi 60 pín jẹ́ 0.3333, tí 3 rẹ̀ kò lópin. Ìṣẹ́jú 50 jẹ́ 0.8333. Èyí ni gbogbo ohun tí sísọ ìṣẹ́jú di dẹ́símà jẹ́: ẹ fi wákàtí sílẹ̀ bí ó ti wà, ẹ fi 60 pín ìṣẹ́jú nìkan, ẹ wá lẹ èsì rẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn wákàtí.

Ẹẹ́ta àti aárùn-ún yìí náà ló ń sọ bí àdánù ṣe tó nígbà tí ẹnikẹ́ni bá gbàgbé láti ṣe é. Nínú ìṣẹ́jú márùn-ún tó bá lé lórí odidi wákàtí, mẹ́ta péré ni wọn yóò sanwó rẹ̀, méjì yóò sọnù. Apá kan ṣoṣo ni àṣìṣe náà sì máa ń fì sí. Nígbàkigbà tí a bá ka ìṣẹ́jú gẹ́gẹ́ bí ìdá ọgọ́rùn-ún, òṣìṣẹ́ ni yóò pàdánù, kì í ṣe ọ̀gá.

Bí a ṣe ṣírò ọ̀sẹ̀ náà

Kí a tó sọ ohunkóhun di dẹ́símà, a ní láti rí iye àkókò tí ènìyàn fi ṣiṣẹ́. Ìyọkúrò aago sì ní ọ̀fìn tirẹ̀. Ẹ wo ọjọ́ Ìṣẹ́gun: àbúrò mi wọlé ní 07:30, ó jáde ní 15:20. A kò lè yọ ìṣẹ́jú 30 kúrò nínú ìṣẹ́jú 20, nítorí náà a ó yá wákàtí kan lára 15. Wákàtí tí a yá yìí jẹ́ ìṣẹ́jú 60, kì í ṣe 100. 15:20 yóò di wákàtí 14 àti ìṣẹ́jú 80. Bí a bá yọ 7 àti 30 kúrò nínú rẹ̀, yóò ku wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 50. A ó wá yọ ìsinmi ìṣẹ́jú 30, yóò ku wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 20.

Ẹni tó bá tẹ 15.20 − 7.30 sórí ẹ̀rọ ìṣírò yóò rí 7.90. Kò sí ìṣẹ́jú àádọ́rùn-ún nínú wákàtí kan, ìyẹn sì tó láti mọ̀ pé nǹkan ti wọ́. Ọgọ́rùn-ún ni ẹ̀rọ náà yá dípò ọgọ́ta.

Ti òru ọjọ́ Ẹtì tún yàtọ̀ díẹ̀, torí pé ọjọ́ kejì ló ṣíwọ́. Ẹ fi wákàtí 24 kún àkókò tó jáde: 07:20 yóò di 31:20. Bí a bá yọ 21:45 kúrò nínú rẹ̀, tí a sì yá ìṣẹ́jú 60 bíi ti ìṣáájú, wákàtí 9 àti ìṣẹ́jú 35 ni yóò kù. Tí a bá yọ ìsinmi ìṣẹ́jú 45, ó di wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 50. Ẹni tó bá ń ṣiṣẹ́ òru ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní láti ṣọ́ra ní òru méjì péré lọ́dún. Ní òru tó mọ́jú ọjọ́ Àìkú tó kẹ́yìn oṣù Kẹta, wọ́n ń ti aago síwájú ní wákàtí kan, iṣẹ́ òru náà sì kúrú ju ohun tí aago sọ lọ. Ní ti oṣù Kẹwàá, wọ́n ń dá a padà, iṣẹ́ òru náà sì fi wákàtí kan gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nígbà tí ọjọ́ márààrún ti wà nílẹ̀, a ó ro wákàtí pọ̀ lọ́tọ̀, a ó sì ro ìṣẹ́jú pọ̀ lọ́tọ̀. Wákàtí: 7, 7, 7, 8 àti 5 jẹ́ 34. Ìṣẹ́jú: 45, 20, 15, 50 àti 45 jẹ́ 175. Lẹ́yìn èyí nìkan ni a ó wá fi 60 pín 175, tí yóò fún wa ní 2.9167. Bí a bá fi kún 34, a ní wákàtí 36.9167. Ohun kan náà ni wákàtí 36 àti ìṣẹ́jú 55, tí àbúrò mi ti kà sórí ìka ọwọ́ rẹ̀.

Ní £13 fún wákàtí kan, 36.9167 yóò fún wa ní £479.92. Ohun tí wọ́n san fún un ni 35.75 lọ́nà £13, ìyẹn £464.75. Àlàfo tó wà láàárín wọn jẹ́ £15.17. Nínú ìṣẹ́jú 175 tó lé lórí odidi wákàtí rẹ̀, ìṣẹ́jú 105 ni wọ́n sanwó rẹ̀, ìṣẹ́jú 70 sì sọnù. Mẹ́ta nínú márùn-ún, bí mo ti wí.

Pọ́n-ùn mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lè dà bí ohun tí kò tó ìjà. Bí ó bá rí bẹ́ẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́rin, £60.68 ló ti lọ. Díẹ̀díẹ̀ ni imú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà, pàápàá lọ́dọ̀ ẹni tó ń san owó ilé, tó tún ń fi owó ránṣẹ́ sílé.

Àmì tí ẹ fi lè mọ̀ ọ́n

Ọ̀nà kan wà tí ẹ fi lè dá àṣìṣe yìí mọ̀ láìṣe ìṣirò kankan. Ẹ kó ìwé owó iṣẹ́ oṣù kan tàbí méjì jọ, kí ẹ wo nọ́ńbà méjì tó wà lẹ́yìn àmì kókó ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan. Nínú wákàtí onídẹ́símà gidi, nọ́ńbà lè bẹ̀rẹ̀ láti .00 títí dé ìtòsí .99. Ẹ ó rí .67, .75, .83 àti .92 lóòrèkóòrè. Bí ẹ bá wo ogún tàbí ọgbọ̀n ọjọ́ iṣẹ́, tí ẹ kò rí ẹyọ kan tó kọjá .59, ó ṣeé ṣe gan-an pé ìṣẹ́jú ni wọ́n kọ síbẹ̀, tí wọ́n sì ń kà á bíi dẹ́símà. Aago kì í ní ọgọ́ta ìṣẹ́jú kí ó má di wákàtí tuntun.

Ọjọ́ kan ṣoṣo kò tó láti fi ṣe ẹ̀rí. 8.50 lè jẹ́ wákàtí mẹ́jọ àti ààbọ̀ tí wọ́n kọ dáadáa, ó sì lè jẹ́ wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 50 tí wọ́n kọ sódì. Àkọsílẹ̀ tiyín nìkan ló lè sọ èwo ni. Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi fi rí tirẹ̀ mú: òun ti kọ àkókò tó wọlé àti àkókò tó jáde sílẹ̀, kì í ṣe àpapọ̀ nìkan.

Láti oṣù Kẹrin ọdún 2019 ni òfin ti sọ ọ́ di dandan níbẹ̀ pé kí ìwé owó iṣẹ́ ẹni tí owó rẹ̀ ń yí padà nítorí àkókò tó fi ṣiṣẹ́ fi iye wákàtí tí wọ́n sanwó rẹ̀ hàn. Àwọn kan ń kọ ọ́ ní ọjọ́ kọ̀ọ̀kan, àwọn mìíràn ń kọ àpapọ̀ nìkan. Bí ó bá jẹ́ àpapọ̀ nìkan ni ẹ rí, ẹ ro ìṣẹ́jú yín pọ̀ bí a ti ṣe lókè. Bí àlàfo náà bá bá ìdá méjì nínú márùn-ún àwọn ìṣẹ́jú tó lé yẹn mu, a jẹ́ pé àmì kókó ló fà á. Bí kò bá bá a mu, ẹ wá ìdí rẹ̀ síbòmíràn. Ó lè jẹ́ ìsinmi tí wọ́n yọ jù, ó sì lè jẹ́ ilé iṣẹ́ tó ń sún gbogbo àkókò mọ́ ìdá mẹ́rin wákàtí tó súnmọ́ ọn jù.

Kọ́bọ̀ tí kò tó ìjà, àti èyí tó tó o

Ó yẹ kí n sọ ìdí tí mo fi dúró di ìparí kí n tó fi 60 pín. Ká ní mo ti sọ ọjọ́ kọ̀ọ̀kan di dẹ́símà, tí mo sì gé e sí nọ́ńbà méjì lẹ́yìn àmì kókó, n ó ní 7.75, 7.33, 7.25, 8.83 àti 5.75. Àpapọ̀ wọn jẹ́ 36.91, owó rẹ̀ sì jẹ́ £479.83. Ó fi pẹ́nì mẹ́sàn-án dín sí ti àkọ́kọ́. Ìṣẹ́jú 20 àti ìṣẹ́jú 50 ló fà á, torí pé 0.33 kò tó 0.3333, bẹ́ẹ̀ ni 0.83 kò tó 0.8333. Bí àlàfo tó wà láàárín ìṣirò yín àti ti ọ́fíìsì kò bá ju pẹ́nì mélòó kan lọ, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ irú gígé bẹ́ẹ̀ ni. Kò sí àṣìṣe nínú rẹ̀ tó yẹ kí a torí rẹ̀ ba ara wa lójú jẹ́.

Níbi tí wọ́n bá ti ń fi náírà sanwó, gígé náà tètè máa ń hàn. Ká ní olùkọ́ kan ń lọ kọ́ ọmọ ní ilé wọn ní Ìbàdàn, tí wọ́n ń san ₦3,000 fún un ní wákàtí kan, ó sì lo wákàtí kan àti ìṣẹ́jú 20. Ìṣẹ́jú 80 ni gbogbo rẹ̀. Bí a bá fi ₦3,000 sọ 80 di ìlọ́po, kí a tó fi 60 pín in, ₦4,000 géérégé ni owó rẹ̀. Bí òun bá kọ 1.33 sínú ìwé tó fi béèrè owó, ₦3,990 ni yóò gbà. Bí ó bá sì kọ 1.20, ₦3,600 ni. Náírà mẹ́wàá ni gígé mú lọ, irínwó náírà sì ni àmì kókó tí wọ́n ṣì lò mú lọ. Ẹni tó bá fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ méjèèjì, kí ó kọ ìṣẹ́jú sílẹ̀ títí di ìgbà tí owó yóò wọ̀ ọ́, kí ó wá fi pípín ṣe ìparí.

Bí ẹ bá ń lo Excel

Mo ṣe àtẹ kan fún àbúrò mi kí ó má bàa máa fi ọwọ́ ṣe é lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Ó ń kọ àkókò ìwọlé sí A2, àkókò ìjáde sí B2, ìṣẹ́jú ìsinmi sí C2. Ní D2, ó kọ èyí:

```
=MOD(B2-A2,1)*24-C2/60
```

Excel ka odidi ọjọ́ kan sí 1, nítorí náà ìdá kan nínú ọjọ́ ni àkókò jẹ́ lójú rẹ̀. Ìdí nìyẹn tí a fi sọ ọ́ di ìlọ́po 24 kí ó lè di wákàtí. `MOD` ló ń bójú tó òru tó di ọjọ́ kejì. C2 jẹ́ ìṣẹ́jú, nítorí náà a fi 60 pín in kí a tó yọ ọ́.

Nǹkan méjì ló sábà máa ń bà á jẹ́. Èkíní ni kí a fi àmì kókó kan tẹ àkókò. 07:30 ni kí ẹ tẹ̀. Bí ẹ bá tẹ 7.30, Excel yóò kà á sí nọ́ńbà lásán. Èkejì ni kí a gbàgbé 24 náà. Ọjọ́ Ajé yóò wá hàn bíi 0.34 kí a tó yọ ìsinmi, nígbà tó yẹ kó jẹ́ 8.25. Bí D2 bá sì ń fi aago hàn yín dípò nọ́ńbà, ẹ yí ìrísí rẹ̀ padà sí nọ́ńbà. Ìṣirò náà tọ̀nà, aṣọ tó wọ̀ ni kò bá a mu.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọ́fíìsì

Àbúrò mi kò bá ẹnikẹ́ni jà. Ó mú ìwé kan tí kò ju ìlà mẹ́fà lọ dání, ọjọ́ márùn-ún àti àpapọ̀, ó sì fi ọjọ́ Ajé nìkan bẹ̀rẹ̀. Ó béèrè lọ́wọ́ obìnrin náà pé ìṣẹ́jú mélòó ni 7.45 tó wà nínú kọ̀ǹpútà dúró fún. Obìnrin náà ní márùndínláàádọ́ta. Àbúrò mi ní kí ó fi ẹ̀rọ ìṣírò sọ 0.45 di ìlọ́po 60. Nígbà tí 27 jáde, obìnrin náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí ó fún òun ní ọjọ́ méjì. Ìwé gbogbo òṣìṣẹ́ ni ó wá lọ ṣí wò.

Wọ́n fi àlàfo owó náà kún ti ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ṣùgbọ́n ìwé tuntun náà bí ìbéèrè tirẹ̀. Akẹgbẹ́ rẹ̀ kan rí 7.75 nínú ìwé rẹ̀, ó sì pariwo pé wákàtí méje àti ìṣẹ́jú márùndínlọ́gọ́rin ni, tó jẹ́ wákàtí 8 àti ìṣẹ́jú 15, nítorí náà owó òun ṣì kù. Àṣìṣe kan náà ni, tó kọjú sí apá kejì. Àbúrò mi fi ohun tó ti fi han obìnrin ọ́fíìsì hàn án: ẹ mú ohun tó wà lẹ́yìn àmì kókó nìkan, ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po 60. 0.75 lọ́nà 60 jẹ́ ìṣẹ́jú 45. Wákàtí 7 àti ìṣẹ́jú 45 náà ni ẹni yẹn ṣe. Bí wọ́n bá ti gbà fún un, wọn ì bá san àsanlé fún un, òfin ibẹ̀ sì gba ọ̀gá láàyè láti yọ irú owó bẹ́ẹ̀ padà lára owó iṣẹ́ tó ń bọ̀.

Nísinsìnyí, ìwé ṣíífìtì wọn ti ní àyè méjì lọ́tọ̀ọ̀tọ̀ fún wákàtí àti ìṣẹ́jú, kò sì sí ibi tí ẹnikẹ́ni yóò fi àmì kókó sí. Àbúrò mi ṣì ń kọ tirẹ̀ sínú ìwé kékeré rẹ̀ lálaalẹ́: àkókò tó wọlé, àkókò tó jáde, ìsinmi. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ó tún fi àwòrán ìwé owó iṣẹ́ ránṣẹ́ sí mi. Mo bi í pé kí ló tún dé. Ó ní: "Kò sí nǹkan kan, Àǹtí mi. Mo kàn fẹ́ kí ẹ rí i pé .83 wà níbẹ̀ ni."